O Jọ Davido, Àbí Irùngbọ̀n Ẹ Ló Jọ Tiẹ̀?

Ní ṣọ́ọ̀bù bábà kan ní Bàrígà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin jókòó sórí àga. Ọ̀gá bábà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bíléèdì tọ́ ìlà iwájú orí ẹ̀ tán, ó fi dáì díẹ̀ kun irùngbọ̀n ẹ̀ kó lè dúdú dọ́gba. Ni ọmọ náà bá na fóònù síwájú, ó ya ara ẹ̀, ó sì ju fọ́tò náà sínú ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń sọ gbajúmọ̀ téèyàn jọ. Kò pẹ́ tí fóònù fi dáhùn: Davido, 87%. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Ọ̀gá bábà ní, "Ṣebí mo ti ń wí i tipẹ́!" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò wí i rí.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ti pásípọ́ọ̀tù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ojú èèyàn ni mo fi ń jẹun. Ti àbúrò mi yìí, mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Kò jọ Davido. Imú ìyá wa ló wà lójú ẹ̀, ètè bàbá wa ló wà lábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ kí n má purọ́: nígbà tí wọ́n ti dárúkọ yẹn tán, tí mo tún wò ó nínú dígí ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Báwo ni orúkọ lásán ṣe lè yí ohun tí ojú mi ń rí padà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí fóònù ṣe. Ó wá ibi tí ojú wà nínú fọ́tò, ó yí i kí ẹyinjú méjèèjì lè dúró sórí ìlà kan, ó sì gé e mọ́ra bí èmi náà ṣe ń gé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àfi pé tiẹ̀ há jù tèmi lọ. Ọ̀pọ̀ irun orí ló máa ń bá ibi tó gé yẹn lọ, ṣùgbọ́n irun tó wà lókè ojú kù síbẹ̀, irùngbọ̀n náà kù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ṣẹ́ kù di nọ́ńbà. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní FaceNet, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé jáde ní 2015, ojú kan máa ń di nọ́ńbà 128. Ẹ má rò pé nọ́ńbà kìíní ni gígùn imú, tí ìkejì jẹ́ fífẹ̀ ẹnu. Kò sí ẹni tó lè fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú wọn kó ní imú rèé. Ṣe ni wọ́n kó fọ́tò rẹpẹtẹ fún kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi wọ́n tọ́ ọ sọ́nà títí nọ́ńbà fọ́tò méjì tó jẹ́ ti ẹnì kan fi sún mọ́ra, tí ti ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì jìnnà síra. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ láti dáhùn: ṣé ẹnì kan náà ni àwọn méjì yìí, àbí ẹni méjì? Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ìjọra.

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé nìyẹn. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ dlib, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ áàpù máa ń lò. Òun náà ń sọ ojú di nọ́ńbà 128, àwọn tó ṣe é sì ní bí ìjìnnà fọ́tò méjì bá kéré sí 0.6, ká gbà pé ẹnì kan náà ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni ọ̀tọ̀ ni. Ká wá ní àbúrò mi jìnnà sí Davido ní 0.78, ó jìnnà sí agbábọ́ọ̀lù kan ní 0.79, ó sì jìnnà sí òṣèré kan ní 0.79 bákan náà. Lójú ètò yẹn, ohun tí àwọn nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ni pé àbúrò mi kọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Àmọ́ wọn ò kọ áàpù kó lè dáhùn pé "kò sí". Èyí tó kéré jù ló máa mú, kódà bó bá jẹ́ irun kan ló fi kéré.

Ẹ dúró ní Ojúẹlẹ́gba kẹ́ ẹ bi ẹnì kan pé, nínú Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Màìdúgùrí, èwo ló sún mọ́ ibí yìí jù? Yóò dáhùn pé Jọ́ọ̀sì ni. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́ńdọ́ tó máa tìtorí ìyẹn pariwo "Jọ́ọ̀sì, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" ní ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gba.

Ìdá ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń kọ sábẹ́ orúkọ ńkọ́? Ẹni tó kọ áàpù ló ń pinnu bí ìjìnnà á ṣe di ìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá kọ ìlà méjì yìí fún mi láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ìjìnnà kan náà ló wà nínú méjèèjì:

```
round((1 - 0.78 / 6) * 100)   # 87
round((1 - 0.78 / 2) * 100)   # 61
```

Ohun tó yí padà kò ju nọ́ńbà tí wọ́n fi pín in lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí inú àwọn èèyàn dùn kí wọ́n lè pín in fún ọ̀rẹ́, ìlà òkè ló máa mú. Ta ló fẹ́ fi 61% hàn ní ṣọ́ọ̀bù bábà?

Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan ni, mi ò ní jókòó kọ nǹkan tó gùn tó báyìí. Ojú àwa èèyàn gan-an ló dùn ún sọ̀rọ̀ lé lórí, torí fóònù dárúkọ ni o, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló hó yèè.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ méjì, Pawan Sinha àti Tomaso Poggio, gbé fọ́tò kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Bill Clinton, àti igbákejì ẹ̀, Al Gore, ni wọ́n dúró nínú fọ́tò náà. Ẹni tó bá wò ó á rí Clinton, á rí Gore, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Àṣé wọ́n ti gé ojú, imú àti ẹnu Clinton, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú orí Gore. Ojú kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì! Irun Gore, bí orí ẹ̀ ṣe rí, aṣọ ọrùn ẹ̀ àti ibi tó dúró sí lẹ́yìn ọ̀gá ẹ̀ ló ń pariwo pé Gore nìyí, ọpọlọ ẹni tó ń wò ó sì gbà bẹ́ẹ̀ láì yẹ àárín ojú wò dáadáa.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí bábà ń ṣe. Ó fi klípà mú ẹ̀gbẹ́ orí wálẹ̀, ó fi bíléèdì fa ìlà gbọọrọ níwájú orí, ó sì jẹ́ kí irun ẹ̀gbẹ́ etí sọ̀kalẹ̀ wá pàdé irùngbọ̀n. Bó ṣe ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, ó ń yí férémù tí ojú wà nínú ẹ̀ padà ni. Irùngbọ̀n tó kún tún ń ṣe ohun kan tí àwa onífọ́tò mọ̀ dáadáa: ó ń bo àgbọ̀n mọ́lẹ̀. Èèyàn lè ní àgbọ̀n ṣóńṣó, ẹlòmíì lè ní àgbọ̀n pẹrẹsẹ bí pákó, bí irùngbọ̀n bá ti bò ó tó sì gé e yípo, ìsàlẹ̀ ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin mẹ́wàá fi lè jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lọ́jọ́ Sátidé kí gbogbo wọn sì jọ olórin kan náà. Ìwé fọ́tò ńlá tí bábà lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí, kí oníbàárà lè ní "nọ́ńbà méjìlá ni mo fẹ́", ti ń ṣe iṣẹ́ áàpù yìí kí fóònù tó dé.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì lóṣù kẹwàá ọdún 2024, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje àwọn tó jọ òṣèré Timothée Chalamet ní gbàgede Washington Square. Òṣèré náà fúnra ẹ̀ yọjú síbẹ̀ lójijì. Ẹni tó gba ẹ̀bùn wọ aṣọ Wonka, irú èyí tí òṣèré náà wọ̀ nínú fíìmù. Irun kíká àti aṣọ ló pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá fá orí gbogbo wọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ iye àwọn tí wọn ò bá ní kó máa lọ sílé.

Láàárín ojú gan-an, ẹ̀yà kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí: irun tó wà lókè ojú, èyí tí àwọn obìnrin máa ń fá tí wọ́n sì máa ń fi pẹ́ńsùlù yà. Ní 2003, Sinha yẹn kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú fọ́tò àwọn gbajúmọ̀ 50. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa irun òkè ojú rẹ́ nínú àwọn kan, wọ́n sì pa ẹyinjú rẹ́ nínú àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ wa á rò pé fọ́tò tí kò ní ẹyinjú ló máa ṣòro jù láti dá mọ̀. Òdì kejì ló ṣẹlẹ̀. Fọ́tò tí kò ní irun òkè ojú ló dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú jù. Ó sì yé mi, torí irun yẹn dúdú, ó dúró sójú kan, èèyàn sì lè rí i láti ọ̀nà jíjìn tí kò ti ní rí ẹyinjú. Òun náà ló ń gbé ìrísí inú jáde: bóyá ẹni náà ń bínú ni, bóyá ẹ̀rù ń bà á ni. Nígbà tí ọmọbìnrin kan bá jókòó níwájú mi tí wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù fa irun òkè ojú ẹ̀ bíi ti òṣèré kan, mo mọ̀ pé ẹni tó máa rí fọ́tò yẹn á dárúkọ òṣèré náà, bí imú wọn ò tilẹ̀ bára tan.

Ohun kejì tó máa ń gba gbogbo ojú mọ́ra ni àmì tí kò wọ́pọ̀. Èjí nìyẹn, àlàfo àárín eyín. Ẹni tó bá ní èjí, tó sì rẹ́rìn-ín, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ní ó jọ eléjí mìíràn tí gbogbo ayé mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilà ojú: bàbá méjì tó kọ àbàjà, tí wọ́n dé fìlà, tí irùngbọ̀n wọn funfun, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní wọ́n jọra bí ìmumu, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ò ní rí ìjọra kankan. Àmọ́ tí eléjí bá pa ẹnu dé nínú fọ́tò, fóònù ò lè mọ̀ pé èjí wà níbẹ̀, á sì gba ibòmíì lọ pátápátá. Ohun tí èèyàn fi ń pe ìjọra àti ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ó wá ku ta ló ń wo ta. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ará Bìrìtìkó kan, Ellis, Shepherd àti Davies, fi hàn pé tí a bá mọ ojú kan dunjú, àárín ojú, ìyẹn ẹyinjú, imú àti ẹnu, la máa ń fi dá a mọ̀. Tí a ò bá mọ̀ ọ́n dunjú, irun àti bí orí ṣe rí máa ń kó ipa tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bábà wá yé mi. Àwọn tó hó yèè ò mọ àbúrò mi ju "báwo ni" lọ. Férémù ni wọ́n rí, férémù náà sì jọ. Èmi tí mo mọ inú ojú ẹ̀ ni mi ò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí orúkọ ti wọlé. Orúkọ ló ń sọ fún ojú ibi tó yẹ kó wò. Bí wọ́n bá ti ní "Davido", irùngbọ̀n lèèyàn á kọ́kọ́ lọ bá, á fo imú, á fo ètè, á sì kó gbogbo ohun tó bá a mu jọ bí ẹni tó ń ṣa ìkòtó létí òkun.

Mo fẹ́ mọ bóyá fóònù á dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀, nítorí náà mo pe ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Fọ́tò àkọ́kọ́, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi yà á, fóònù ò sì jìnnà sójú ẹ̀ ju bí rúlà kan lọ: Davido ló tún mú. Ìkejì, èmi ni mo fi kámẹ́rà mi yà á láti bíi mítà kan àbọ̀, irun kan náà, aṣọ kan náà. Agbábọ́ọ̀lù ará Bràsílì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ló jáde. Ìkẹta, mo ní kó dé fìlà kó sì rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì tún dé. Ìkẹrin wáyé lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tó fá irùngbọ̀n nítorí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kan ní Erékùṣù. Òṣèrébìnrin ni wọ́n ní ó jọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Kò sí idán nínú ìyàtọ̀ fọ́tò kìíní àti ìkejì. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú jù, ohun tó yọ síwájú á tóbi ju ohun tó wà lẹ́yìn. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣírò ẹ̀ ní 2018: fọ́tò tí èèyàn ya ara ẹ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ń jẹ́ kí imú ọkùnrin fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 30%, tí a bá fi wé èyí tí wọ́n yà láti nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Etí náà á fẹ́ẹ̀ sá sẹ́yìn, ojú á sì gùn. Fọ́tò àwọn gbajúmọ̀ tó wà nínú àkójọ áàpù ńkọ́? Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn onífọ́tò ti sábà máa ń ya tiwọn. Imú tí ọwọ́ tìrẹ fi fẹ̀ lo gbé lọ bá imú tí kò fẹ̀.

Kódà láìsí ti kámẹ́rà, fọ́tò kan kì í ṣe ojú. Ní 2011, Rob Jenkins àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó fọ́tò 40 lé àwọn ará Bìrìtìkó lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n pín in, kí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Àwọn gbajúmọ̀ ilẹ̀ Họ́láńdì méjì péré ló wà níbẹ̀, fọ́tò ogún-ogún. Àwọn ará Bìrìtìkó tí kò mọ̀ wọ́n rò pé èèyàn bíi méje tàbí mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Họ́láńdì tó mọ̀ wọ́n pín in sí méjì láìsí wàhálà. Bí fọ́tò ẹnì kan bá lè dà bí ti ẹni mẹ́ta, mẹ́rin lójú àlejò, kí ló máa ṣòro nínú kí ọ̀kan nínú wọn dà bíi ti ẹlòmíì?

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, áàpù Google Arts & Culture ń fi ojú àwọn èèyàn wé àwòrán àtijọ́ tó wà ní ilé ọnà. Ọ̀pọ̀ tí kì í ṣe òyìnbó ráhùn pé àwòrán tó ń jáde fún wọn kò tó nǹkan. Ohun tí kò sí nínú àpò ò ṣeé mú jáde. Lọ́dún 2019 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń yẹ irú ẹ̀rọ yìí wò, wá fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n dán wò, ojú àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn àti Ìlà-oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tí ẹ̀rọ máa ń pe ẹni méjì ní ẹnì kan jù. Lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwa sún mọ́ra wa ju bí àwọn òyìnbó ṣe sún mọ́ra wọn lọ. Tí áàpù bá wá ní o jọ gbajúmọ̀ dúdú kan, ó lè jẹ́ pé àwọ̀ àti irùngbọ̀n ló kọ́kọ́ fi sọ ẹ́ síbi táwọn dúdú wà, kó tó mú ẹni tó sún mọ́ jù níbẹ̀.

Mi ò ní ìjọra tòótọ́ ò sí o. Ayàwòrán ará Kánádà kan, François Brunelle, ti ń ya fọ́tò àwọn tó jọra láìbá ara wọn tan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2022, Manel Esteller àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Bàsẹ̀lónà mú àwọn méjì-méjì ọ̀nà 32 nínú wọn, wọ́n sì fi ètò ìdánimọ̀ ojú mẹ́ta yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀nà 16 péré ni ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbà fún, nígbà tí wọ́n sì yẹ àbùdá àwọn yẹn wò, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n jọ ní pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí èèyàn fi ojú ara ẹ̀ ṣà ni o, síbẹ̀ ìdajì ni ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fọwọ́ sí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun jọ ẹnì kan, kó fi fọ́tò bíi márùn-ún tí wọ́n yà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán an wò, láti ọ̀nà tó jìn díẹ̀, kó sì wò ó bóyá orúkọ kan náà ló ń jáde. Lẹ́yìn náà, kó fi ìka bo irun àti irùngbọ̀n nínú fọ́tò tó dáa jù níbẹ̀, kó fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kó má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Màmá wa ni mo fi han tàbúrò mi. Mo fi àtàǹpàkò bo irùngbọ̀n, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ rò pé ẹni yìí jọ?" Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e jìnnà sójú wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó kú ní Ẹ̀pẹ́. Wo ojú ẹ̀." Mo lọ tú àpótí wọn, mo rí fọ́tò dúdú-àti-funfun kan tí etí ẹ̀ ti ká. Ọkùnrin inú ẹ̀ dé gọ̀bì, kò ní irùngbọ̀n rárá, àgbọ̀n ẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Láti irun òkè ojú dé ètè, àbúrò mi ló ń wò mí.